Etí Màmá Mi Lójú Fóònù: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Àjò Tí Kò Fi Ní Di Àárò Tàbí Àròyé

Màmá mi kì í gbé fóònù síwájú bí a bá ń fi fídíò sọ̀rọ̀. Bí ìpè bá ti wọlé, etí ni wọ́n ń gbé e lé, bí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ní fóònù àkọ́kọ́. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti kúrò nílé, etí ọ̀tún wọn ni mo rí jù nínú gbogbo ara wọn, òun àti àjà yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Sọ́ńdè kan nínú oṣù kọkànlá, mo rí i pé ihò etí náà ṣófo. Yẹtí tó ti wà níbẹ̀ kí n tó gbọ́njú kò sí níbẹ̀.

Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ tí kò dára, kó tó wá dúró lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ibi tí mo ti ṣìnà ni mo ń rí nínú ìwé àwọn tí a jọ ń ka iṣẹ́ ara wa lóṣooṣù. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, gbogbo wọn ló sì jìnnà sí ẹbí. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé ọkàn ẹni ló ń fà á: ẹni tọ́kàn rẹ̀ rọ̀ á kọ ẹkún àárò, ẹni tínú ń bí á kọ àròyé. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń gba òǹkọ̀wé ni pé kó mọ́kàn le, tàbí kó máa ka ìbùkún rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn kò wúlò fún ẹni tó ti mú bírò lọ́wọ́. Inú gbólóhùn ni àárò àti àròyé ń gbà wọlé, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èèyàn lè fi ìka tọ́ka sí àwọn ọ̀rọ̀ náà lórí tákàdá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Màmá mi máa ń wọ yẹtí wúrà kan. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀ lókèèrè, a máa ń rí i tó ń kọ mànà. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé a sì kún fún ayọ̀. A máa ń jókòó yí wọn ká lálẹ́. Lónìí, mo rí etí wọn láìsí yẹtí, omi sì bọ́ lójú mi. Ìyá ni wúrà."

Ẹ ka iye ìgbà tí "máa ń" wà nínú ìpínrọ̀ kékeré yẹn. Mẹ́rin ni. Ẹ tún wo "a" tó wà nínú "ilé a sì kún", iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Nínú èdè wa, "máa ń" ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, tí kò ní ọjọ́ kan pàtó. Òun ni àárò fẹ́ràn jù. Bí mo bá ní "wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín", mi ò ní láti sọ ọjọ́ tí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹni tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tàbí ohun tí ẹ̀rín náà fẹ́ bò mọ́lẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bínú, gbogbo ọjọ́ tó rẹ̀ wọ́n, gbogbo ọjọ́ tí èmi àti wọn kò bára wa sọ̀rọ̀, "máa ń" ti yọ wọ́n kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kankan láyé tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ìparí rẹ̀. "Ìyá ni wúrà" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ó sì bá yẹtí wúrà mu gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi yára wá sí mi lọ́wọ́. Ó bá mi parí gbólóhùn kí n tó wo etí náà dáadáa. Bákan náà ni "àjò ò dùn kí onílé má rèlé". Òwe dára, mi ò sọ pé ká má pa á, ṣùgbọ́n bí òwe bá dé síbi tó yẹ kí òǹkọ̀wé sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, òwe ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ojú nìyẹn. Nígbà tí mo ka ìpínrọ̀ yẹn tán, mi ò rí etí màmá mi níbẹ̀. Etí ìyá gbogbo ayé ló wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú èdè wa tó yẹ kí òǹkọ̀wé kíyè sí. A kì í sábà sọ pé "mo ń ṣe àárò". Ohun tí à ń sọ jù ni "àárò ilé ń sọ mí". Àárò ni olùwà gbólóhùn, òun ló ń ṣiṣẹ́. Èmi jókòó sí ìparí gbólóhùn, mò ń gbà á. Bí ó ti rí lára ẹni náà nìyẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ojú ewé mẹ́ta tí àárò ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń sọ̀tàn kò ṣe ohunkóhun. Kò sí ibi tí ìtàn náà fẹ́ gbà lọ.

Àwọn ará Yúróòpù pàápàá kọ́kọ́ ka àárò ilé sí àìsàn. Ní ọdún 1688, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó ń jẹ́ Johannes Hofer, ní ìlú Basel ní Switzerland, so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, ọ̀kan túmọ̀ sí pípadà sílé, èkejì túmọ̀ sí ìrora. Ó fi í sọ àìsàn kan tó ń ṣe àwọn tó wà lájò lórúkọ. Ibẹ̀ ni "nọstálíjíà" ti jáde. Ó ròyìn ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Bern tó wá kàwé ní Basel, tí àìsàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tí wọ́n gbé e kọrí sílé, ara rẹ̀ ti ń yá kó tó débẹ̀. Ní òde òní, nǹkan bíi wákàtí kan ni rélùwéè fi ń ti Basel dé Bern. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn nítorí ó fi hàn pé bí ọ̀nà ti jìn tó kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ó tún fi ohun tí àárò fẹ́ hàn: ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni pé ká dá ẹni náà padà sílé. Ìpínrọ̀ tí àárò bá kọ yóò máa darí sílé ní gbogbo ìgbà, bó ti wù kí òǹkọ̀wé gbé e síta tó, kò sì ní lè dúró wo yàrá tí òǹkọ̀wé jókòó sí.

Nígbà tí mo rí i pé ti àkọ́kọ́ kò dára, mo sá lọ sí òdìkejì. Ìkejì nìyí:

"Níbí yìí, wọn ò ka àjèjì sí. Iṣẹ́ ni tàárọ̀ tàlẹ́. Wọ́n á máa wo èèyàn bí ẹni tó jalè. Ìyá ẹni á máa darúgbó nílé, wọn ò sì ní jẹ́ kéèyàn lọ wò ó, torí ìwé. Àwọn èèyàn ibí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyá."

Nínú èyí, "wọ́n" ni ọ̀rọ̀ tó ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ mẹ́ta ó kéré tán ni "wọ́n" ń ṣe fún wa. Ó lè jẹ́ èèyàn púpọ̀. Ó lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí à ń bọ̀wọ̀ fún, bí mo ti ń pe màmá mi ní "wọ́n" láti ìbẹ̀rẹ̀ àlàyé yìí. Ó sì tún lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tí a kò mọ̀: "wọ́n ti ti ilẹ̀kùn", "wọ́n gbé e lọ". Ìkẹta yìí ni àròyé ń jẹ mọ́. "Wọn ò ka àjèjì sí": ta ni? Ọ̀gá mi ni àbí aládùúgbò mi? Àbí ọmọkùnrin tó ń jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì lówùúrọ̀? Bí òǹkàwé kò bá lè rí ojú ẹnì kankan, kò lè gbà á gbọ́, kò sì lè jiyàn. Ó kàn máa gbọ́ ohùn ẹni tí inú ń bí. Mo sì tún ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ: mo kó gbogbo èèyàn ìlú kan pọ̀, mo ní wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyá. Obìnrin tó ń gbé òkè yàrá mi ń lọ wo ìyá rẹ̀ nílé ìtọ́jú arúgbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Èmi fúnra mi ti bá a gbé àpò rẹ̀ gun àtẹ̀gùn rí.

Ẹ kíyè sí i pé nínú ìpínrọ̀ kejì, èmi náà kò ṣe nǹkan kan. Nínú ti àkọ́kọ́, àárò ń sọ mí. Nínú èkejì, "wọ́n" ń ṣe mí. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ìyá ni àárò àti àròyé. Àwọn méjèèjì ń fi òǹkọ̀wé pamọ́, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ìbéèrè tó le jù: kí ni ìwọ ṣe?

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní òótọ́ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù, ó sì tọ̀nà. Ìyà ń jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn lájò, kò sì sí ẹni tó yẹ kó ní kí wọ́n pa á mọ́ra kí ìwé wọn lè dùn kà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín àròyé àti ẹ̀rí. Àròyé ń sọ bí nǹkan náà ti dùn wá tó. Ẹ̀rí ń sọ nǹkan náà gan-an: ọjọ́ wo, aago mélòó, ta ló dúró níbo, kí ni wọ́n sọ, kí la dáhùn. Nígbà tí ọ̀gá bá jẹ owó iṣẹ́ èèyàn, wákàtí tó ṣe, iye tí wọ́n jọ ṣàdéhùn lé lórí àti iye tó gbà ti tó. Òǹkàwé á bínú fúnra rẹ̀, ìbínú tirẹ̀ sì lágbára ju èyí tí òǹkọ̀wé bá kọ fún un lọ.

Ọ̀gbẹ́ni kan nínú ẹgbẹ́ ìkàwé wa mú ìwé kan wá ní ọdún tó kọjá. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: "Wọ́n fojú mi gbolẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú." Ojú ewé méjì tó tẹ̀ lé e kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A bi í pé ta ló fojú rẹ̀ gbolẹ̀. Ó ní obìnrin kan ni, ní fèrèsé kẹrin. Kí ni obìnrin náà sọ? Ó ronú díẹ̀. Ó ní obìnrin náà mú fọ́tò rẹ̀, ó ní fọ́tò yìí ti pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ, àwọn kò lè gbà á. Ọ̀gbẹ́ni wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lòun ya á. Obìnrin náà ṣí fáìlì, ó mú fọ́tò ọdún méjì sẹ́yìn jáde, ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ó wá fi bírò tọ́ka sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ni.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo ló ní. Òun ló ń wọ̀ bí ó bá fẹ́ ya fọ́tò, òun ló ń wọ̀ bí ó bá fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ó kúrò níbẹ̀, ó yá ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, ó ya fọ́tò tuntun, ó sì padà lọ tò láti ẹ̀yìn.

Gbogbo wa dákẹ́ nígbà tó sọ ọ́ tán. Kò kọ ìkankan nínú rẹ̀ sínú ojú ewé méjèèjì. Ó ní òun rò pé kò tó nǹkan, pé ìyà tó jẹ òun ni òun fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni ìyà náà wà. Bí obìnrin fèrèsé kẹrin bá sì wà nínú ìtàn náà pẹ̀lú bírò rẹ̀, òǹkàwé á rí i pé kò ṣìkà, òfin kan ló ń tẹ̀ lé, ojú rẹ̀ ló sì mú ju bó ti yẹ lọ. Ìyẹn ń dun èèyàn ju ìkà lọ. Ọ̀gbẹ́ni náà tún un kọ ní ojú ewé kan ààbọ̀. "Wọ́n" tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, àwọn tó tò síwájú rẹ̀ ló sì ń tọ́ka sí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n tó kúrò níbẹ̀: bí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú tàbí ẹjọ́ òǹkọ̀wé bá ṣì wà nílẹ̀, kó má tíì gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síta. Kó kọ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná, kó kọ ọjọ́ sí i lórí, kó sì tọ́jú rẹ̀. Tí ó bá wá fẹ́ gbé e síta lọ́jọ́ iwájú, ó lè yí iṣẹ́ àti ìlú ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ padà. Ohun tí ẹni náà ṣe ni kó má yí.

Ó wá ku bí mo ṣe kọ ti etí màmá mi lẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò tún gbólóhùn ti tẹ́lẹ̀ ṣe. Mo mú tákàdá mìíràn, mo fa ìlà gígùn kan sí àárín rẹ̀. Ní apá òsì, mo kọ ohun tí ojú mi rí àti ohun tí etí mi gbọ́ nínú ìpè náà, láìfi ohunkóhun kún un. Ní apá ọ̀tún, mo kọ ohun tí mi ò mọ̀. Apá ọ̀tún gùn ju apá òsì lọ. Mi ò mọ ìgbà tí yẹtí náà kúrò. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n tà á, bóyá ó sọnù, bóyá etí ń dùn wọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn aládùúgbò ti rí i ṣáájú mi. Bí mo ti ń wo apá ọ̀tún yẹn ni ó yé mi pé òun ni ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá wà nílé, ìbéèrè yìí kò ní pé ìṣẹ́jú kan. Mo lè wọ yàrá, kí n wo orí tábìlì wọn. Jíjìnnà sí ẹbí túmọ̀ sí pé ohun kékeré tó wà ní gbangba fún gbogbo ará ilé á di àdììtú fún ẹnì kan. Kò sí àárò nínú ìyẹn, kò sì sí àròyé. Bí nǹkan ti rí ni.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ tákàdá: kí ni èmi ṣe? Ìlà yẹn ló gba àkókò jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìpè náà, mo ti sọ fún wọn pé owó oṣù yẹn máa pẹ́. Nígbà tí mo rí ihò etí náà, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti ta yẹtí. Mi ò sì béèrè bóyá wọ́n tà á. Mo yí ọ̀rọ̀ padà. N kò fẹ́ kọ ọ́, nítorí náà ni mo ṣe mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wọlé.

Mo tún rántí ibi tí mo wà, èyí tí mo ti gbàgbé pátápátá nínú ìwé àkọ́kọ́. Yàrá ìfọṣọ ni mo wà. Àárò máa ń gbé ilé sínú "nígbà yẹn", á gbé àjò sínú "ní báyìí", bí ẹni pé ayé méjì ni. Ṣùgbọ́n aago kan náà ló ń lù fún èmi àti màmá mi lórí fóònù yẹn. Nítorí náà mo fi méjèèjì sínú ìpínrọ̀ kan:

"Sọ́ńdè kejì nínú oṣù kọkànlá. Mo wà ní yàrá ìfọṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé, aṣọ mi ń yí nínú ẹ̀rọ, ó ku ìṣẹ́jú 22. Mo pe màmá mi. Etí wọn gba gbogbo ojú fóònù. Ihò rẹ̀ ṣófo, ó ti fà gùn díẹ̀ bí ihò bọ́tìnnì.

'Màámi, yẹtí yín dà?'

'Yẹtí wo?'

'Èyí tí ẹ máa ń wọ̀.'

'Mo bọ́ ọ kí n lè sùn ni.'

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo ti sọ fún wọn pé owó oṣù yẹn máa pẹ́. Mo wo ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó ku 19. Mo béèrè bóyá òjò ti dá lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní ó ti dá."

"Máa ń" kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹnu mi ló sì ti jáde nínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lé "máa ń" jáde pátápátá. Ó wúlò nígbà tí a bá fẹ́ sọ bí nǹkan ṣe ń rí lójoojúmọ́ kí ọjọ́ kan tó wá yàtọ̀. Mo lo ohun tó jọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àlàyé yìí, nígbà tí mo sọ bí màmá mi ṣe ń gbé fóònù létí, kí n tó mẹ́nu ba Sọ́ńdè yẹn. Àmọ́ ìlà kan tàbí méjì ti tó fún un. Bí ó bá ti dé ìlà kẹrin tí ọjọ́ kankan kò tíì ní orúkọ, kí òǹkọ̀wé dá bírò dúró, kó bi ara rẹ̀ pé ọjọ́ wo lòun ń sọ.

Ẹ wo "wọ́n" náà. Ó pọ̀ nínú ìpínrọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n màmá mi ni gbogbo rẹ̀. Kò sí "wọ́n" tí kò lójú.

Ọ̀rọ̀ àárò kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa kà á, ó ní ó dun òun ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì bi mí pé ibo ni ìbànújẹ́ náà wà tí òun fi ń gbọ́ ọ. Mo rò pé àárín 22 àti 19 ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, ohun tí a sọ nínú rẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú kan.

Mo tún ní láti ṣàyẹ̀wò ohun kan. Ẹni tó wà lájò ló ní bírò lọ́wọ́, àwọn tó wà nílé kò ní. Ó rọrùn láti sọ wọ́n di àwòrán tó jókòó síbi tí a fi wọ́n sí, tó ń dúró de ìpè wa. Nítorí náà mo máa ń fi ohun tí mo bá kọ ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò kúrò nílé kí n tó fi han ẹlòmíràn. Mo fi ti yẹtí yìí ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin, mo sì bi í bóyá ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé: "Ṣé kí n wá máa ka ohun tó wà létí Màmá fún yín ni?" Inú bí mi fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó yá, mo fi gbólóhùn rẹ̀ sínú ìwé náà, bó ti sọ ọ́ gan-an. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní ọmọ, òun ló ń gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn. Ohun tó di àdììtú fún mi kò jámọ́ nǹkan fún un lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ nìyẹn náà. Ìwé tí kò bá sí ẹni nílé tó lè bínú sí òǹkọ̀wé nínú rẹ̀ ṣì ní àárò nínú, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, mo pe Màmá, yẹtí sì wà létí wọn. Kì í ṣe ti wúrà yẹn. Kékeré ni, ó ní òkúta aláwọ̀ ewé. Mi ò mọ ẹni tó rà á.

Mi ò lè gbé etí wọn síta láìtọrọ àyè, nítorí náà mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí fóònù, títí kan ti owó. Wọ́n gbé fóònù létí, mo ń wo òkúta aláwọ̀ ewé náà bí mo ti ń kà. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí mo fi kà á tán.

"Etí mi lo fi kọ̀wé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Yẹtí yẹn ń yún mi létí ni mo fi bọ́ ọ."

Mo rán wọn létí pé wọ́n ti sọ nígbà náà pé torí kí wọ́n lè sùn ni. Wọ́n ní ṣé èèyàn lè sùn bí etí bá ń yún un? Wọ́n ní kí n gbé e síta bí mo bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ pé yẹtí náà ń yún wọn. Mo kọ ọ́. Mo fi sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sọ, mi ò sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò.